Ìwé Tí Wọ́n Kọ Nígbà Tí Ara Ṣì Ń Roni

Aago mọ́kànlá alẹ́ ọjọ́ Àìkú ni, nínú oṣù Ṣẹ́rẹ́, òtútù sì mú ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọmọbìnrin kan tó ń gbé ní Pẹ́kámù ti to ẹrù ọ̀la sórí tábìlì: pásípọ́ọ̀tù, ímeèlì tó fi gba ààyè ìdánwò, súwẹ́tà méjì. Láàárọ̀ ọ̀la ló yẹ kó jókòó síwájú kọ̀ǹpútà. Láti oṣù Agẹmọ ló ti ń fi òru kàwé. Ṣùgbọ́n láti ìrọ̀lẹ́ ni egungun itan rẹ̀ ti ń ro ó, ó sì mọ ìrora yìí bí ẹni mọ owó, nítorí fọ̀níkúfọ̀ládìde ló bí i. Gbogbo òfin àdéhùn àti òfin ilẹ̀ tó ti há sórí kò wúlò fún un lálẹ́ yìí. Ohun kan ṣoṣo ló ń rò: ṣé kí n lọ, àbí kí n má lọ?

Àpẹẹrẹ ni mo fi ọmọbìnrin yìí ṣe, kì í ṣe ẹnì kan pàtó. Ṣùgbọ́n irú òru bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni tó bá ní ọmọ tàbí àbúrò tó ń ṣe ìdánwò iṣẹ́ ọwọ́ nílùú òyìnbó. Ohun tí wọn kì í sì í sọ fún wọn títí ẹ̀pa kò fi ní bóró mọ́ ni pé ìdáhùn sí ìbéèrè yẹn ló máa ń pinnu ohun gbogbo tó bá tẹ̀lé e.

Ìdánwò tí ọmọbìnrin wa fẹ́ ṣe ni SQE. Òun ni ẹni tó bá fẹ́ di sọlísítọ̀ ní Ẹngilandi àti Wéèsì gbọ́dọ̀ yege. SRA, àjọ tó ń ṣàkóso àwọn sọlísítọ̀ níbẹ̀, ló dá a sílẹ̀ lọ́dún 2021, ilé iṣẹ́ Kaplan ló sì ń bá wọn ṣe é. Púpọ̀ nínú àwọn lọ́yà wa tó ti gba ìwé lọ́yà ní Nàìjíríà, tí wọ́n wá kó lọ sí Bìrìtéènì, ni wọ́n ń gbé e. Apá kìíní, SQE1, jẹ́ ìwé méjì, FLK1 àti FLK2. Ìbéèrè 180 ló wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n sì ń ṣe wọ́n, ní gbọ̀ngàn kọ̀ǹpútà Pearson VUE. Owó rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 2,000 pọ́n-ùn. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni wọ́n ń ṣe é, ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ àti oṣù Agẹmọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta péré sì ni èèyàn lè gbìyànjú rẹ̀ láàárín ọdún mẹ́fà. Ẹni tó bá kùnà lẹ́ẹ̀mẹta ní láti dúró títí ọdún mẹ́fà náà yóò fi pé kó tó tún bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí owó bá pọ̀ tó báyẹn, tí ìgbà tí èèyàn lè gbìyànjú sì kéré tó báyẹn, a mọ ohun tí ọ̀pọ̀ ń ṣe. Wọ́n á gbé oògùn ìrora mì, wọ́n á di itan pọ̀, wọ́n á lọ. Wọ́n ń sọ fún ara wọn pé, “Tí mo bá kùnà, màá sọ fún wọn pé ara mi ò yá.” Ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ń ṣì í.

Òfin tó wà lẹ́yìn SQE, tó sì wà lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ìdánwò iṣẹ́ ọwọ́ ní Bìrìtéènì lónìí, rọrùn láti sọ: ẹni tó bá jókòó síbi ìdánwò ti jẹ́rìí pé ara òun dá tó láti ṣe é. Ìjókòó yẹn fúnra rẹ̀ ni ẹ̀rí, bíi kí èèyàn tẹ̀ka sórí ìwé. Bí o bá jókòó, tí o wá sọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí èsì jáde pé ibà ń ṣe ọ́ lọ́jọ́ náà, ohun tí wọ́n máa bi ọ́ ni pé kí ló dé tí o fi jókòó.

Ó le létí, àmọ́ ó nídìí. Ká ní ọmọbìnrin wa lọ, ó sì fi ìwọ̀nba ìbéèrè mẹ́jọ pàdánù. Èwo nínú 180 náà ni ìrora jẹ́ kó ṣì? Èwo ni kò mọ̀ láti ilé? Kò sẹ́ni tó lè sọ, kódà òun fúnra rẹ̀ ò lè sọ. Ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi fi máàkì kún máàkì nítorí àìsàn. Ẹni tó bá fẹ́ di lọ́yà tàbí dókítà tàbí aṣírò owó gbọ́dọ̀ fi hàn pé òun mọ iṣẹ́ náà, àánú kò sì lè fi hàn fún un. Ohun tí wọ́n lè ṣe fún aláìsàn ni pé kí wọ́n má ka ìgbà yẹn mọ́ ọn lọ́rùn, kí ó rí bíi pé kò gbìyànjú rárá, kó sì padà wá nígbà míì. Tí ó bá rí bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé ẹni tí ara rẹ̀ kò yá kò ní èrè kankan nínú kí ó jókòó.

Ohun méjì ló yọ kúrò nínú òfin yìí. Ọ̀kan ni àìsàn tó bẹ̀rẹ̀ nígbà tí èèyàn ti wà nínú gbọ̀ngàn. Bí inú bá dédé rọ́ ọ nídìí ìbéèrè ogójì, nawọ́ sókè, kí o sọ fún alámòójútó ìdánwò lójú ẹsẹ̀, kí ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú aago. Àkọsílẹ̀ yẹn ló máa jẹ́rìí pé ara rẹ yá nígbà tí o wọlé. Gba ọ̀dọ̀ dókítà lọ lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹni tó bá rọra fara dà á títí wọ́n fi parí, tó wá lọ sùn sílé, ti pàdánù ẹ̀rí rẹ̀. Èkejì ni àìsàn tó gba ìdájọ́ lọ́wọ́ èèyàn fúnra rẹ̀, irú bí àìsàn ọpọlọ tó dìde, tí aláìsàn kò sì mọ̀ pé ara òun ò yá. Dókítà ọpọlọ gbọ́dọ̀ kọ ọ́ pé ẹni náà kò sí ní ipò tó fi lè mọ̀. Ọ̀nà yìí dín, kì í sì í ṣe fún ẹni tó kàn bẹ̀rù.

Ẹ jẹ́ ká padà sí Pẹ́kámù. Ká sọ pé ọmọbìnrin wa pinnu pé òun ò ní lọ. Ó ṣe dáadáa. Ṣùgbọ́n bí ó bá kàn pa fóònù, tó fi aṣọ bora, tí ìrora náà sì lọ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, kí ni yóò mú lọ fún wọn? Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ nìkan. Ẹni tó kọ̀ láti lọ nítorí kò kàwé dé ìparí náà lè sọ irú ọ̀rọ̀ kan náà. Láàárín aago mọ́kànlá alẹ́ sí ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé ló gbọ́dọ̀ wá ẹni tó máa fi ojú rí àìsàn náà, tó sì máa kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà tó ṣì wà lára.

Ní Bìrìtéènì, ìṣòro kan wà níbẹ̀ tí kì í jẹ́ kó rọrùn. Níbi iṣẹ́, òṣìṣẹ́ lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ pé ara òun ò yá fún ọjọ́ méje láìmú ìwé dókítà wá. Nítorí náà, bí o bá lọ bá dókítà àdúgbò pé o fẹ́ ìwé fún àìsàn ọjọ́ méjì, ó ṣeé ṣe kí obìnrin tó wà nídìí káńtà sọ fún ọ pé o ò nílò rẹ̀. Òótọ́ ló ń sọ, àmọ́ ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ló ń sọ. Òfin ọjọ́ méje yẹn kò de àjọ ìdánwò. Lẹ́tà fún ìdánwò kò sì sí lára ohun tí ìjọba ń sanwó rẹ̀ fún dókítà. Ó lè gba owó lọ́wọ́ rẹ, ó sì lè ní kí o padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Láti oṣù Agẹmọ 2022, nọ́ọ̀sì, apoògùn àti àwọn tó ń tọ́jú iṣan pàápàá ti lè fọwọ́ sí ìwé àìsàn tí òṣìṣẹ́ ń mú lọ fún ọ̀gá rẹ̀. Ó wúlò, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ni ìwé yẹn náà ń sọ: ó ní ẹni yìí kò lè ṣiṣẹ́, kò ní kò lè jókòó ṣe ìdánwò ọjọ́ báyìí.

Ohun tí àwọn tó gbọ́n ń ṣe ni pé wọn kì í bẹ̀rẹ̀ láti orí lẹ́tà. Orí àkọsílẹ̀ ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀. Tí ọmọbìnrin wa bá pe 111 láago mọ́kànlá alẹ́, ìpè náà yóò ní déètì àti aago, wọ́n á sì fi ìròyìn rẹ̀ ránṣẹ́ sí dókítà rẹ̀. Tí wọ́n bá ní kó máa lọ sí ẹ̀ka ìtọ́jú pàjáwìrì, wákàtí tó dé, ohun tí wọ́n rí nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ àti oògùn tí wọ́n fún un, gbogbo rẹ̀ yóò wà nínú ìwé tí wọ́n máa fi dá a sílẹ̀. Lẹ́tà tó bá dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì yóò wá ní ohun tó máa fẹ̀yìn tì. Dókítà tó bá kọ̀wé lórí ohun tó ti wà nínú fáìlì ń jẹ́rìí. Dókítà tí kò rí ọ nígbà náà, tó kọ ohun tí o sọ fún un lẹ́yìn tí ara ti dá, kò ju ẹni tó gbọ́ ìtàn lọ.

Ẹ wo lẹ́tà méjì yìí, èmi ni mo gbé wọn kalẹ̀ kí ìyàtọ̀ lè hàn.

Èkínní: “Aláìsàn yìí wá rí mi lónìí. Ó sọ fún mi pé ara òun kò yá lọ́sẹ̀ tó kọjá, kò sì lè ṣe ìdánwò rẹ̀. Inú mi yóò dùn bí ẹ bá lè ràn án lọ́wọ́.”

Èkejì: “Mo yẹ aláìsàn yìí wò ní aago méjì òru ọjọ́ Ajé. Ìrora líle wà ní itan àti ẹ̀yìn rẹ̀, èyí tó wá látinú àìsàn fọ̀níkúfọ̀ládìde tí a ti mọ̀ mọ́ ọn láti kékeré. A fi mọ́fíìnì àti omi sí i lára. Ní èrò mi, kò lè jókòó ti kọ̀ǹpútà kí ó sì pọkàn pọ̀ ní ọjọ́ Ajé, bẹ́ẹ̀ ni fún ọjọ́ mẹ́rin sí i.”

Lẹ́tà àkọ́kọ́ kún fún inú rere, kò sì wúlò. Kò sọ àìsàn tó jẹ́, kò sọ ohun tí ojú rí, dókítà náà kò sì dá a mọ́ ara rẹ̀ lọ́rùn. Èkejì sọ ọjọ́ tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, ohun tí wọ́n rí, orúkọ àìsàn, iye ọjọ́ tó gbà, ó sì so ó mọ́ ìdánwò. Ohun tó kù lára rẹ̀ ni orúkọ dókítà, nọ́ńbà tí ìjọba fi mọ̀ ọ́n gẹ́gẹ́ bíi dókítà, àti bí wọ́n ṣe lè pè é. Ẹ má rò pé wọn kì í pè.

Iye ọjọ́ yẹn ni mo fẹ́ dúró lé lórí díẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ẹni tó rò pé ẹ̀rí òun pé ti máa ń ṣubú. Ká sọ pé aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ọjọ́ Ajé ni ilé ìwòsàn dá ọmọbìnrin wa sílẹ̀. Inú ìwé rẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí pé ìrora ti rọlẹ̀, ó lè máa lọ sílé. FLK1 ni ọjọ́ Ajé yẹn, ìwé yìí sì gbà á là níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ká ní Ọjọ́bọ̀ ni FLK2 rẹ̀. Ẹni tó ń ka ìwé náà ní ọ́fíìsì yóò rí aláìsàn tí ara rẹ̀ ti ń balẹ̀ láti ọjọ́ Ajé, tí kò sì yọjú ní Ọjọ́bọ̀. Gbogbo wa tí a mọ àìsàn yìí mọ̀ pé ìrora tó lọ láàárọ̀ lè padà lálẹ́, àti pé ẹni tó gba mọ́fíìnì kì í tètè dá ara rẹ̀ mọ̀. Ẹni tó ń kàwé náà lè má mọ̀ ọ́n, kò sì sí ibi tí wọ́n ti kọ ọ́ fún un. Nítorí náà, ọjọ́ ìdánwò kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní ẹ̀rí tó bò ó. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tàbí Ọjọ́rú, nígbà tí oorun mọ́fíìnì ṣì wà lójú rẹ̀, ó yẹ kó pe nọ́ọ̀sì fọ̀níkúfọ̀ládìde ní ilé ìwòsàn tó ti ń gba ìtọ́jú, kó sọ bí ara ṣe rí, kí wọ́n kọ ọ́, kó sì ní kí lẹ́tà wọn dárúkọ Ọjọ́bọ̀.

Ibì kan wà tí àṣà wa fúnra rẹ̀ ti ń pa wá lára. Wọ́n kọ́ wa pé a kì í pariwo àìsàn. Bí àgbà bá béèrè pé ṣé ara le, “Adúpẹ́” ni ìdáhùn, kódà bí orí bá ń fọ́ bíi pé yóò là. Ẹ̀kọ́ ilé ni, mi ò sì bá a jà. Ṣùgbọ́n mo ti jókòó ti àwọn èèyàn wa lọ́dọ̀ dókítà, tí omi ìrora ń dà lójú wọn, tí wọ́n sì ń sọ pé, “Ó ti dín kù, dókítà, kò le púpọ̀.” Dókítà sì ń tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀: kò le púpọ̀. Lẹ́yìn oṣù kan, gbólóhùn yẹn ni àjọ ìdánwò máa kà. Bí ìrora bá tó mẹ́jọ nínú mẹ́wàá, ẹ sọ pé mẹ́jọ. Bí ẹ ò bá sùn láti ọjọ́ méjì, ẹ sọ ọ́. Ẹ sì sọ pé ìdánwò wà lọ́la, kí ìyẹn náà lè wọ inú àkọsílẹ̀.

Ó ń ṣẹlẹ̀ pé àìsàn náà jẹ́ ohun àṣírí, bíi kí oyún bàjẹ́ lára ọmọ. Kò pọn dandan kí gbogbo rẹ̀ hàn nínú lẹ́tà. Dókítà lè kọ ọ́ pé àìsàn pàjáwìrì kan bá a lọ́jọ́ báyìí, tó gba ìtọ́jú ilé ìwòsàn, tí kò sì jẹ́ kó lè ṣe ìdánwò. Àmọ́ bí ọ̀rọ̀ bá ti ṣe bò ó tó, bẹ́ẹ̀ ni ọjọ́, ìtọ́jú àti ìdájọ́ dókítà gbọ́dọ̀ ṣe kedere tó.

Àwọn tó wà ní Nàìjíríà, tí wọ́n ń ṣe irú ìdánwò àjọ òkèèrè báyìí láti ilé, ní ìṣòro tiwọn. Ìwé tí gbogbo wa mọ̀ jù ni ẹskúùsì diútì. Bébà kékeré ni, òǹtẹ̀ ilé ìwòsàn wà lórí rẹ̀, wọ́n sì kọ ọ́ pé kí ẹni yìí sinmi fún ọjọ́ mẹ́ta. Fún ọ̀gá níbi iṣẹ́, ó tó. Fún àjọ ìdánwò, kò sọ nǹkankan: kò sí orúkọ àìsàn, kò sí àyẹ̀wò. Ẹ fi èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tì í, ẹ fi rìsíìtì oògùn tì í, kí lẹ́tà gidi sì wà lórí bébà tó ní orúkọ àti àdírẹ́sì ilé ìwòsàn. “Ibà àti táífọ́ọ̀dù” láìsí èsì àyẹ̀wò jẹ́ gbólóhùn tí wọ́n ti kà rí lọ́pọ̀ ìgbà.

Mo gbọ́dọ̀ sọ èyí náà, ó sì ń dùn mí láti sọ ọ́. Àwọn kan wà tó máa ń bá èèyàn kọ irú ìwé yìí, tí wọ́n á fi déètì àná sí i, láìtíì rí aláìsàn rí. Fún ẹni tó ń lọ di sọlísítọ̀, kíkùnà ìdánwò sàn ju ìwé yẹn lọ. SRA ń wo ìwà ẹni kí wọ́n tó gbà á wọlé, irọ́ pípa sì jẹ́ ọ̀kan lára ohun tí wọ́n kì í fojú fò. Ìdánwò tó kùnà lóṣù Ṣẹ́rẹ́, èèyàn lè tún un ṣe lóṣù Agẹmọ. Ìwé ayédèrú lè ti ilẹ̀kùn iṣẹ́ náà pa.

Kì í ṣe gbogbo àjọ ló rí bákan náà. Nínú ìdánwò CFA tí àwọn oníṣẹ́ ìdókòwò ń ṣe, ibi tí sísún síwájú pàjáwìrì gbilẹ̀ dé kò pọ̀: àìsàn tó lè gba ẹ̀mí, oyún, ikú ẹbí tó sún mọ́ni àti irú wọn. Ibà tó dáni dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, bó ti wù kó le tó, lè má wọ inú rẹ̀. Nítorí náà, ìwé òfin ìdánwò tí ẹ fẹ́ ṣe gan-an ni kí ẹ kà, lọ́jọ́ tí ẹ bá sanwó, nígbà tí ara ṣì le. Ohun mẹ́ta ni kí ẹ wá nínú rẹ̀: ọjọ́ mélòó ni wọ́n fún yín láti fi fọ́ọ̀mù àti ẹ̀rí ránṣẹ́, irú ẹni tó lè kọ lẹ́tà, àti ibi tí ọ̀rọ̀ owó wà. Kí wọ́n má ka ìgbà mọ́ ọ lọ́rùn jẹ́ ọ̀kan, kí wọ́n dá owó padà jẹ́ òmíràn. Ọ̀pọ̀ gba àkọ́kọ́ láìgba èkejì. Bí lẹ́tà bá sì ń pẹ́, ẹ fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ kí gbèdéke tó kọjá, kí ẹ sọ pé lẹ́tà ń bọ̀. Ìdúró de èsì ló burú jù, nítorí ẹni tó bá sọ̀rọ̀ àìsàn lẹ́yìn tó rí máàkì rẹ̀ máa ń dà bí ẹni tó ń wá àwáwí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òótọ́ ló ń sọ.

Fún ọmọbìnrin Pẹ́kámù, ohun kan kù tí ẹni tí ibà kọ lù lásán kò ní. Àìsàn tirẹ̀ ti wà ṣáájú ìdánwò, yóò sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ní Bìrìtéènì, òfin ìdọ́gba ti ọdún 2010 fi dandan lé e pé kí àjọ ìdánwò ṣe àtúntò tó bá yẹ fún ẹni tí àìsàn ọlọ́jọ́ pípẹ́ ń bá jà. Ọ̀nà yìí yàtọ̀ sí ti pàjáwìrì, ṣáájú ìdánwò ni wọ́n sì ń tọ̀ ọ́, nígbà tí àkókò ṣì wà. Lóṣù Èrèlé, nígbà tí ara ti dá, dókítà ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè fara balẹ̀ kọ ọ́: òtútù máa ń jí ìrora náà, àìmu omi máa ń jí i, ìjókòó pípẹ́ máa ń jí i. Lẹ́tà yẹn ló máa fi béèrè fún oṣù Agẹmọ: ìgò omi lórí tábìlì, ìsinmi tí aago ìdánwò yóò dúró fún, ìjókòó tó jìnnà sí ẹnu ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ tútù. Ẹ̀dà kan yóò wà nínú fóònù rẹ̀, nítòsí nọ́ńbà nọ́ọ̀sì rẹ̀, níbi tí ọwọ́ rẹ̀ lè tètè tó o lóru.